Kí Aago Méje Tó Lù: Ẹ̀kọ́ Kékeré Lórí Yíyẹ Ìlà Wò Láràárọ̀

Láti ìgbà tí mo ti wà ní ipele kẹta ni mo ti ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kan tó ń gbé ìròyìn àti àròkọ Yorùbá jáde lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà, ẹ óò sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gba òṣìṣẹ́ tuntun mẹ́ta. Olóòtú wa, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, ní kí n fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ́ wọn ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, ìyẹn bí a ṣe ń yẹ ìlà wò láràárọ̀ kí ohunkóhun tó jáde. Nígbà tí mo ń múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ni mo rí i pé ohun tí wọ́n ti kọ́ wa nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló kún inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí fún ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde.

Kí ni ìlà?

WordPress ni à ń lò. Bí èèyàn bá ti kọ àròkọ tán, kò pọn dandan kó gbé e jáde lójú ẹsẹ̀. Ó lè yan ọjọ́ àti wákàtí tó fẹ́ kó jáde, kó sì tẹ `Schedule`. Láti ìgbà yẹn, àròkọ náà ń dúró. Bí wákàtí rẹ̀ bá ti pé, ẹ̀rọ yóò gbé e síta fúnra rẹ̀, yálà èèyàn wà nídìí rẹ̀ tàbí kò sí. Gbogbo àròkọ tó ń dúró báyìí ni à ń pè ní ìlà. Ẹ lè rí wọn bí ẹ bá wọ `Posts`, tí ẹ sì tẹ `Scheduled` lókè.

Ànfààní rẹ̀ ni pé a lè fi ọjọ́ Ọjọ́rú kọ iṣẹ́ Àbámẹ́ta, kí á sì sùn. Ewu rẹ̀ náà nìyẹn. Wákàtí nìkan ni ẹ̀rọ mọ̀. Kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ láàárín Ọjọ́rú sí Àbámẹ́ta.

Ẹ óò rántí Charles Fillmore, ẹni tó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ atọ́ka ní ọdún 1971. Ó ya àsìkò tí èèyàn sọ ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àsìkò tí ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹni tó ń gbọ́ ọ. Bí a bá jókòó tira wa, àsìkò méjèèjì jẹ́ ọ̀kan. Bí a bá kọ lẹ́tà, wọ́n yapa. Ìlà tiwa yìí tún le ju lẹ́tà lọ, nítorí òǹkàwé lẹ́tà mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ ọ́, ó sì lè wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sí orí rẹ̀. Ọjọ́ tí àròkọ jáde ni òǹkàwé wa ń rí lórí tirẹ̀. Ó máa gbà pé òwúrọ̀ yìí ni a sọ ọ́. Nítorí náà, iṣẹ́ ẹni tó ń yẹ ìlà wò ni láti ka àròkọ kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ síta lẹ́nu nísinsìnyí, kó sì bi ara rẹ̀ bóyá ó ṣì jẹ́ òtítọ́.

Ohun tó mú wa bẹ̀rẹ̀

Kí n tó fi ọ̀nà iṣẹ́ náà han àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, mo sọ ohun tí mo ṣe fún wọn. Bàbá kan wà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, tó máa ń kọ nǹkan fún wa lóṣooṣù. Ọjọ́ ìbí wọn bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta kan. Ní Ọjọ́rú, mo kọ ìkíni, mo fi àwòrán wọn sí i, mo sì tò ó sórí ìlà fún aago méje òwúrọ̀ Àbámẹ́ta. Mo kọ ọ́ pé a bá Bàbá yọ̀ lónìí, àti pé a ń retí àròkọ wọn tó kàn.

Bàbá jáde láyé ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù, ẹnì kan lára wa ti rí i lórí Wọ́sáàpù, ó sì ti kẹ́dùn síbẹ̀. Kò mọ̀ pé ìkíni kankan wà lórí ìlà. Èmi tí mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ kò gbọ́ pé Bàbá kú. Aago méje lù, ìkíni jáde. Aago kọjá mẹ́jọ dáadáa kí n tó jí, ìpè márùn-ún ti wà lórí fóònù mi. Mo sáré yọ ọ́ kúrò lórí ìkànnì.

Mo rò pé ó tán. Àmọ́ mo ti to ìkíni kan náà sórí ojú ìwé Fesibúùkù wa fún aago mẹ́wàá. Ìlà ti Fesibúùkù yàtọ̀ sí ti ìkànnì. Yíyọ tí mo yọ ti àkọ́kọ́ kò kan èkejì rárá. Aago mẹ́wàá lù, òun náà jáde, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀mí Bàbá á gùn.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti Àǹtí lọ tọrọ àforíjì nílé wọn. Ọmọ wọn obìnrin kò pariwo. Ó ní, "Ti àkọ́kọ́, mo sọ fún màmá mi pé wọn ò tíì gbọ́ ni. Nígbà tí èkejì dé, kí ni kí n sọ fún wọn?" Àǹtí kúnlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Kò sí ohun tí a lè fi dá ìbéèrè yẹn lóhùn. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹnì kan ti ń yẹ ìlà wò ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láràárọ̀, ohun kankan kì í sì í jáde ṣáájú aago méje.

Ìlà òwúrọ̀ kan

Ìlà tòótọ́ ni mo fi kọ́ wọn, ti ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Karùn-ún. Ẹni tó bá lè wọ kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì náà lè fi àṣẹ yìí pè é, kó sì rí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bó ṣe tẹ̀ léra:

```
wp post list --post_status=future --orderby=date --order=ASC --fields=ID,post_title,post_date
```

`future` ni orúkọ tí WordPress fún ohun tó bá wà lórí ìlà. Àròkọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èyí tó máa jáde ní aago méje ni "Àwọn oníṣòwò yóò ṣèpàdé lọ́la". Akẹgbẹ́ wa kan ló kọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́ Ẹtì gan-an ni ìpàdé náà, nítorí náà kò purọ́ nígbà tó ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá jáde lọ́jọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta ni "lọ́la" ń tọ́ka sí. Oníṣòwò tó bá kà á yóò jókòó sílé lónìí, yóò múra lọ́la, yóò sì bá gbọ̀ngàn ní títì. A yí i padà sí "lónìí, ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Karùn-ún". Òfin wa ni pé a kì í yọ lónìí tàbí lọ́la kúrò nínú ìròyìn, nítorí bí Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n orúkọ ọjọ́ àti déètì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, èkejì yóò tú u fó, ẹni tó ń yẹ ìlà wò yóò sì rí i kíákíá pé wọn kò bára mu.

Èyí tó tẹ̀ lé e, ti aago mẹ́wàá, sọ pé wọ́n ti ti ọ̀nà kan pa "láti ìjẹta". Ọjọ́rú ni wọ́n kọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká kà á bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́. À ń ka òní mọ́ ọn: òní ni ọ̀kan, àná ni èjì, ìjẹta ni ẹ̀ta. Ẹ̀ta tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà fi hàn bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìjẹta Ọjọ́rú ni ọjọ́ Ajé, kì í ṣe Àìkú. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tuntun náà yọ mẹ́ta kúrò, ó sì bá ara rẹ̀ ní Àìkú. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó bá ń fi ọ̀nà ìkàyé ilé ìwé ka ọ̀rọ̀ Yorùbá. Bí àròkọ náà bá wá jáde lọ́jọ́ Ẹtì, ìjẹta ti di Ọjọ́rú. Ọjọ́ méjì ti sọnù nínú ìtàn náà.

Síbẹ̀, ìjẹta kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n wo "wọ́n ti ti ọ̀nà náà pa". "Ti" àkọ́kọ́ yẹn ń sọ fún òǹkàwé pé ohun tí wọ́n ṣe ṣì wà bẹ́ẹ̀ títí di àkókò tí a ń sọ̀rọ̀. Bí a bá sọ pé "wọ́n ti ọ̀nà náà pa lọ́jọ́ Ajé", òtítọ́ ni yóò jẹ́ títí láé, kódà bí wọ́n ti ṣí i. Ṣùgbọ́n "wọ́n ti tì í pa" gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ẹtì. Nítorí náà, ibi tí ẹ bá ti rí "ti" yìí, tàbí "ń", tàbí "ṣì", ẹ mọ̀ pé nǹkan kan wà tó yẹ kí ẹ béèrè. A pe awakọ̀ kan tó máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó ní wọ́n ti ṣí i láti ìrọ̀lẹ́ àná. Bí ó bá jẹ́ pé a kàn yí ìjẹta padà sí ọjọ́ Ajé, a ò bá ti fi ọwọ́ ara wa tún irọ́ ṣe kó dùn ún kà.

Ẹ̀kẹta jẹ́ àròkọ lórí òwe, fún aago kan ọ̀sán. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti kọ ọ́. Kò sí ọjọ́ kankan nínú rẹ̀, gbogbo wọn sì fẹ́ fò ó. Àmọ́ ìlà kẹrin rẹ̀ sọ pé "bí a ṣe ṣàlàyé nínú apá kìn-ín-ní lánàá". Apá kìn-ín-ní ṣì wà lórí ìlà fún ọjọ́ Ajé, nítorí ẹnì kan ti sún un síwájú kí ìròyìn mìíràn lè ráyè. Àròkọ kò dá dúró sórí ìlà. Bí ẹ bá sún ọ̀kan, ẹ wo èyí tó gbára lé e.

Ẹ̀kẹrin ni ìkíni ọjọ́ ìbí, fún aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìkíni, ìdúpẹ́, ìpè síbi ayẹyẹ, gbogbo ohun tó bá dárúkọ èèyàn tó wà láàyè, ojú kò tó láti yẹ wọ́n wò. Ìpè ni. Ẹnì kan yóò pe mọ̀lẹ́bí tàbí ọ̀rẹ́ ẹni náà láàárọ̀ ọjọ́ tó máa jáde. A kì í béèrè pé ṣé ẹni náà ṣì wà láàyè o. A máa ń ní, "Ẹ kú àárọ̀ mà. A fẹ́ kí Bàbá lónìí, ṣé a lè gbé e jáde?" Bí wọ́n bá ní kí á dá a dúró, a ò ní béèrè ìdí. Bí a kò bá rí ẹni gbé ìpè, kò ní jáde.

Kí ló dé tí a kò fi lè wá a pẹ̀lú ẹ̀rọ?

Ẹni tó kéré jù nínú wọn bi mí pé kí ló dé tí a kò kàn ní kí kọ̀ǹpútà wá "òní", "àná" àti "ọ̀la" nínú gbogbo ohun tó wà lórí ìlà. Ìbéèrè tó dára ni, mo sì ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Ìdí méjì ni kò fi ṣiṣẹ́.

Àkọ́kọ́, àwọn ọ̀rọ̀ yìí kì í sábà dá wà nínú gbólóhùn. "Ní" máa ń so mọ́ wọn, nígbà náà ó di lónìí, lánàá, lọ́la. Àmì ohùn àti fáwẹ̀lì yí padà. Ẹni tó bá wá "òní" kò ní rí "lónìí". Bí ó bá sì yọ gbogbo àmì kúrò tó wá "ola", yóò rí ọ̀la, yóò rí ọlá, yóò rí ọlà, yóò tún kó gbogbo Ọláolúwa ìlú wá.

Èkejì, lẹ́tà tó jọra lójú lè yàtọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Fún Unicode, `ọ̀` lè jẹ́ ohun méjì tó so pọ̀, U+1ECD àti U+0300. Ó sì tún lè jẹ́ mẹ́ta: U+006F, U+0323 àti U+0300. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ láti orí fóònù kan, tí a sì wá a láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, ó ṣeé ṣe kó sọ pé kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú wa ń rí i. Nítorí náà, ìwákiri lè ràn wá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí kò bá rí nǹkan kan, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan kan. Ojú la fi ń kà á.

Bí ẹ bá rí àṣìṣe

Ẹ má kọ́kọ́ tún un ṣe. Ẹ kọ́kọ́ dá a dúró. Ẹ wọ `Quick Edit`, ẹ yí `Status` rẹ̀ padà sí `Draft`, kí ẹ sì tẹ `Update`. Ó ti kúrò lórí ìlà nìyẹn, aago kò lè bá yín lórí rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ sí `Planner` nínú Meta Business Suite, kí ẹ wo bóyá èyí tó jọ ọ́ ń dúró níbẹ̀ fún Fesibúùkù, kí ẹ dá òun náà dúró. Ìgbà tí méjèèjì bá ti dúró tán ni kí ẹ tó wá ọ̀rọ̀ tó yẹ. Bí ẹ bá sì fẹ́ dá a padà, ẹ kọ́kọ́ yan wákàtí tuntun. Bí wákàtí àtijọ́ bá ti kọjá, tí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì, kò ní dúró fún ẹnikẹ́ni, ojú ẹsẹ̀ ni yóò jáde.

Ohun kan tún wà tí ẹ lè rí níbẹ̀: `Missed schedule` tí wọ́n fi pupa kọ. Ó túmọ̀ sí pé wákàtí ti kọjá, àròkọ kò sì jáde. WordPress kì í wo aago fúnra rẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí ìkànnì ni ó máa ń wò ó bóyá ohun kan ti pé, àyàfi bí wọ́n bá ti ṣètò kí kọ̀ǹpútà tó gbé e máa jí i. Lóru tí kò sí òǹkàwé, ohun tó yẹ kó jáde lè pẹ́. Bí ìṣòro bá sì wà nídìí iṣẹ́ yẹn, kò ní jáde rárá. Àṣẹ yìí ló ń tú wọn sílẹ̀:

```
wp cron event run --due-now
```

Ẹ má yára lò ó. Gbogbo ohun tó ti pé ló máa tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó sì ti pẹ́ jù lórí ìlà ni ọ̀rọ̀ inú wọn lè ti bàjẹ́ jù. Ẹ kà wọ́n ná. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo nǹkan ń fi wákàtí kan pẹ́ lójoojúmọ́, ẹ wo `Timezone` nínú `Settings`, abẹ́ `General`. Ó ṣeé ṣe kó wà ní `UTC+0`, nígbà tí aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Òṣìṣẹ́ tuntun tó dàgbà jù, tó ju mí lọ ní ọdún mẹ́wàá ó kéré tán, béèrè lọ́wọ́ mi níparí pé, "Àbúrò, bí èèyàn bá kú ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ ńkọ́, tí ẹ ti yẹ ìlà wò ní mẹ́fà?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ò ní mọ̀." Yíyẹ ìlà wò ní aago mẹ́fà ń dín àlàfo ọjọ́ mẹ́ta kù sí wákàtí díẹ̀, kò lè pa á rẹ́. Ìdí nìyí tí ìkíni kò fi tún ń lọ sórí ìlà wa fún ìrọ̀lẹ́ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n béèrè ìbéèrè yẹn. Lẹ́yìn ìpè òwúrọ̀, ẹni tó pe ìpè náà ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e jáde. A sì ti fi ìwé kékeré kan sórí tábìlì, tí a ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wà nínú ohun tó ń dúró sí, kí ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn lóru lè mọ̀ pé ó kàn wá.

Orúkọ Bàbá náà ló wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀. Àǹtí ló kọ ọ́ síbẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀, ó kàn to ìwé náà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà tí mo máa ń lò.